Mo Ní Mo Ti Gbọ́, Mo sì Gbàgbé

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, 14 oṣù Kẹta ọdún 2025, àárín ààwẹ̀ Ràmàdánì. Nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni Alhaja, tí mo kọ sáìtì tó fi ń taṣọ fún, pè mí. Mo wà ní Yábàá níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, òun wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Bàlógun, lódìkejì ọ̀sà. Ohùn ẹni tó ti gbààwẹ̀ láti òwúrọ̀ tí kò sì fẹ́ kí ìbínú ba ààwẹ̀ òun jẹ́ ló fi bá mi sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà? Ìyá kan ń pè mí láti Sùúrùlérè. Ó ní òun ti sanwó léèsì aláwọ̀ wáìnì yẹn láti aago mẹ́rin kọjá. Báńkì ti yọ owó lọ́wọ́ ẹ̀, ó fi álààtì ránṣẹ́ sí mi, mo rí i. Àmọ́ sáìtì wa ní òun ò tíì rí nǹkan kan."

"Ẹ má bínú, Alhaja, ẹ jẹ́ n wò ó."

"Kó o tó wò ó, jẹ́ n sọ èyí tó kù. Sáìtì ti ta léèsì yẹn fún ẹlòmíì. Ẹyọ kan ṣoṣo ló sì kù nílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ìkejì yẹn ló jẹ́ kí n dìde lórí àga. Owó tó pẹ́ kó tó hàn, ẹ̀bẹ̀ lásán máa ń tó o. Aṣọ kan tí a tà fún èèyàn méjì, ẹjọ́ nìyẹn, pàápàá nígbà tí ọdún Ìtúnu ti ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tí télọ̀ ò gbaṣọ mọ́.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Tí oníbàárà bá mú aṣọ lórí sáìtì Alhaja, sáìtì á fún ọjà náà ní nọ́ńbà réfáráǹsì, á kọ "pẹ́ńdìn" síwájú ẹ̀, á wá darí oníbàárà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gbowó. Abánigbowó ni màá máa pè wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn ni oníbàárà ti máa sanwó, ì báà fi káàdì, ì báà fi tiránsífà. Bí owó bá ti wọlé, sáfà tiwọn á kàn sí sáfà tiwa, á jíṣẹ́ fún un pé owó réfáráǹsì báyìí-báyìí ti dé o. Iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ yìí là ń pè ní wẹ́bùhúùkù. Ìgbà tí iṣẹ́ náà bá dé la tó máa pa pẹ́ńdìn rẹ́, ká kọ pé ó ti sanwó.

N ò ní dárúkọ abánigbowó tí à ń lò, torí ẹjọ́ ọjọ́ náà kì í ṣe tiwọn rárá. Níbi tí mo bá ti nílò àpẹẹrẹ, ìwé ìlò Paystack ni màá fi ṣe é, nítorí gbangba ló wà, ẹnikẹ́ni lè ṣí i kà.

Ibi tí mo kọ́kọ́ wò ni dáṣíbọ́ọ̀dù àwọn abánigbowó. Réfáráǹsì ìyá Sùúrùlérè ni `LC-7731`. Owó rẹ̀, 48,500 náírà, ti wọlé ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 21. Lábẹ́ ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn jẹ́ wẹ́bùhúùkù rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn náà, àti pé sáfà wa dá wọn lóhùn: `200`. Mo fẹ́ẹ̀ pè wọ́n lónírọ́. Mo wá ṣí lọ́ọ̀gì sáfà tiwa. Ohun tí wọ́n sọ gan-an ló wà níbẹ̀. Ìránṣẹ́ dé, ó kanlẹ̀kùn, a jáde sí i, a ní "a ti gbọ́", ó bá tirẹ̀ lọ.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Ohun tí mo ti ń rò láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ni pé wẹ́bùhúùkù tó bá sọnù, ojú ọ̀nà ló ti sọnù: nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, sáfà ò sí nílé, nǹkan bẹ́ẹ̀. Irú ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ pani lára. Ìwé ìlò Paystack sọ pé bí sáfà rẹ ò bá dáhùn 200, wọ́n á tún iṣẹ́ náà jẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta fún ìgbà mẹ́rin, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á máa jẹ́ ẹ ní wákàtí-wákàtí fún wákàtí 72. Ká ní sáfà wa kú fọnfọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni, gbogbo iṣẹ́ tó pọ̀ jọ ì bá wọlé bó bá ti jí. Àmọ́ sáfà wa ò kú. Ó ní òun ti gbọ́. Ẹni tó bá sì ti ní òun ti gbọ́, kò sẹ́ni tó máa padà wá tún un sọ fún un.

Kí ló wá ṣe ohun tó gbọ́? Kóòdù tí mo fọwọ́ ara mi kọ nìyí. Mo ti yọ ìlà tó ń yẹ ìbuwọ́lù iṣẹ́ wò kúrò nínú ẹ̀ kó má bàa gùn:

```js
app.post('/hook', (req, res) => {
  queue.push(req.body)
  res.sendStatus(200)
})
```

Ìdí wà tí mo fi kọ ọ́ báyìí. Gbogbo abánigbowó ló máa ń kìlọ̀ pé kéèyàn tètè dáhùn, kó má mú ìránṣẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kó wá máa ṣe iṣẹ́ gígùn. Mo gbọ́ ìkìlọ̀ náà, mo ti iṣẹ́ sínú ìlà, mo sì dáhùn wàrà. Ohun tí n kò rò ni ibi tí ìlà náà wà. Àárín orí sáfà ló wà, nínú mẹ́mọ́rì, kò sí lórí ìwé kankan. Apá kejì kóòdù náà á wá máa mú iṣẹ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: á ṣàtúnṣe dátábéèsì, á fi ọ̀rọ̀ ṣókí ránṣẹ́ sí fóònù oníbàárà pé a ti rí owó rẹ̀, á dúró de ìdáhùn àwọn tó ń bá wa fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́, kó tó mú òmíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, àwọn afọ̀rọ̀ránṣẹ́ yìí ń falẹ̀. Nígbà tó yá tí mo ka lọ́ọ̀gì, mo rí i pé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í gùn láti aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 12. Ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ọmọ ẹ̀gbọ́n Alhaja tó ń bá a bójú tó ọjà orí ayélujára kọ̀wé sí mi: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá wa tún orúkọ àwọ̀ ànkárá kan kọ, wọ́n ti ṣì í kọ." Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì. Mo tún un kọ, mo tẹ `pm2 restart shop` láti rìsítáàtì sáfà, mo dìde lọ ra àkàrà.

Iṣẹ́ mọ́kànlá ló wà nínú ìlà nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì yẹn. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi nù wọ́n nù. Kò sí àṣìṣe kankan nínú lọ́ọ̀gì, kò sí ohun tó pupa níbì kankan. Sáfà kàn jí, ojú ẹ̀ mọ́ rekete, kò rántí pé ẹnikẹ́ni wá kí òun.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọmọ tó bá mọ ìṣirò, wọ́n á ní orí ẹ̀ pé bí orí alájọ Ṣómólú, tó ń gba àjọ lọ́wọ́ ogunlọ́gọ̀ èèyàn láìkọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀, tó sì ń san án láìṣì í. Sáfà mi náà fẹ́ ṣe alájọ Ṣómólú ni. Orí ló fi ń gba owó. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń rìsítáàtì alájọ Ṣómólú lágogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Àwọn alájọ tó kù tí mo mọ̀, káàdì ni wọ́n ń lò. Oníbàárà ní tiẹ̀ lọ́wọ́, alájọ ní ìwé tiẹ̀. Bí oṣù bá parí, wọ́n á gbé méjèèjì sójú kan, wọ́n á máa fọwọ́ tọ́ ọ. Ìgbà tí méjèèjì bá bára mu ni owó tó jáde. Gbogbo ohun tí mo ṣe láti alẹ́ ọjọ́ yẹn kò ju ìyẹn lọ: ìwé tiwa rèé, ìwé abánigbowó rèé, kí la ní tí wọn ò ní, kí ni wọ́n ní tí a ò ní.

Mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé tiwa. Mo kó gbogbo réfáráǹsì tó wọlé láàárín aago mẹ́rin sí aago márùn-ún tí a kò kọ "ó ti sanwó" síwájú wọn. Wọ́n jẹ́ ogún. Mo wá ń bèèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ abánigbowó. Lọ́dọ̀ Paystack, bí ìbéèrè náà ṣe máa rí nìyí:

```
curl -H "Authorization: Bearer $SECRET" \
  https://api.paystack.co/transaction/verify/LC-7731
```

Ìdáhùn tó máa bọ̀ gùn, àmọ́ èyí tó kàn wá nínú ẹ̀ kò pọ̀:

```json
{ "status": true,
  "data": { "status": "success", "reference": "LC-7731",
            "amount": 4850000, "currency": "NGN" } }
```

Ẹ wò ó dáadáa, `status` méjì ló wà níbẹ̀. Ti òkè, tó ní `true`, ìtumọ̀ ẹ̀ kò ju pé "a gbọ́ ìbéèrè rẹ, ìdáhùn rèé". Kò sọ nǹkan kan nípa owó. Oníbàárà tí káàdì rẹ̀ kò gbé owó, tí wọ́n bá bèèrè nípa rẹ̀, `true` náà lá wà lókè, `failed` á wà nínú. Mo ti bá kóòdù ẹni kan pàdé rí, n ò ní sọ ti ta ni, tó jẹ́ ti òkè ló ń kà. Gbogbo ẹni tó ṣí ojú ìwé ìsanwó lásán ló ń gba ọjà lọ.

Èkejì ni iye owó. Kọ́bọ̀ ni wọ́n fi ń kà á, kì í ṣe náírà. 4,850,000 kọ́bọ̀ ni 48,500 náírà. Kóòdù tí mo fi ìkánjú kọ lálẹ́ ọjọ́ náà gbàgbé èyí, ó sì sọ fún mi pé gbogbo àwọn tó sanwó ló san ju bó ṣe yẹ lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ká ní òótọ́ ni, Alhaja ì bá ti ra ilé sí Ìkòyí. Síbẹ̀, ẹ má torí ìyẹn yọ àyẹ̀wò iye owó kúrò. Ó yẹ kí iye tí wọ́n gbà bá iye tí a kọ sára ọjà mu, kí irú owó náà sì bára mu, ká tó sọ pé ó ti san.

Nínú ogún yẹn, mọ́kànlá ló jẹ́ `success`. Iye iṣẹ́ tó ṣègbé nínú ìlà nìyẹn gẹ́lẹ́. Méjì jẹ́ `failed`. Méje tó kù jẹ́ `abandoned`, ìyẹn ni pé oníbàárà débẹ̀ kò sanwó tán.

`abandoned` yìí ló tàn mí jẹ jù. Orúkọ ẹ̀ dà bí ìdájọ́ tó ti parí: ó pa á tì, ó lọ. Àmọ́ ohun tó túmọ̀ sí kò ju pé kò tíì san án tán. Ọ̀kan nínú àwọn méje yẹn gba nọ́ńbà àkáǹtì tí yóò sanwó sí, fóònù ẹ̀ bá kú. Ó lọ gba iná sí i, ó ṣínu, ó wá fi tiránsífà ránṣẹ́ nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méje lù. Mo ti bèèrè nípa ẹ̀ ní aago mẹ́fà, wọ́n ti sọ `abandoned` fún mi. Ká ní mo ti tìtorí ẹ̀ kọ "ó kùnà" sí i, tí kóòdù mi sì wá jẹ́ irú èyí tí kì í gba owó fún ohun tó bá ti kùnà, mi ò bá tún padà sí ibi tí mo ti ń bọ̀. Òfin tí mo wá fi lélẹ̀ nínú kóòdù ni pé ibi yòówù tí réfáráǹsì bá wà, ì báà jẹ́ pẹ́ńdìn, ì báà jẹ́ èyí tó ti kùnà tàbí èyí tí a ti wọ́gi lé, tí ẹ̀rí owó bá dé, owó ti dé nìyẹn. Bóyá aṣọ ṣì wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Àtẹ kan ni owó wà, àtẹ mìíràn ni aṣọ wà.

Èyí ló mú mi débi tí aṣọ ti di ti ẹni méjì. Kóòdù kan wà tó ń jí ní gbogbo ìdajì wákàtí, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó wá pẹ́ńdìn tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó wọ́gi lé e, kó sì dá aṣọ padà sórí àtẹ kí ẹlòmíràn lè rà á. Èrò rere ló wà nídìí ẹ̀, torí àwọn kan máa ń mú aṣọ mẹ́wàá sínú apẹ̀rẹ̀ kí wọ́n wá lọ sùn. Àmọ́ aago nìkan ló ń wò. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó rí `LC-7731` ní pẹ́ńdìn ní aago márùn-ún, ó ní ìyá yìí ò sanwó, ó gbé léèsì padà sórí àtẹ, ẹlòmíràn gbé e láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nísinsìnyí, kí kóòdù yẹn tó wọ́gi lé ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ abánigbowó. Tí wọn ò bá dáhùn, tàbí tí wọ́n bá dáhùn ohun tí kò yé e, kò ní fọwọ́ kàn án. Á fi í sílẹ̀ di ìgbà tó bá tún jí.

Mo wá ní kóòdù tó ń bèèrè ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún nípa pẹ́ńdìn tó bá ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì tún ní wẹ́bùhúùkù tó lè dé nígbàkigbà. Àwọn méjèèjì lè pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti rí i tí méjèèjì rí pẹ́ńdìn lẹ́ẹ̀kan náà, tí oníbàárà gba ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ méjì, tí a sì yọ ọ̀pá aṣọ mẹ́wàá nínú ìwé dípò márùn-ún. Má ṣe kọ́kọ́ kà á, kó o wá tún un kọ. Ní kí dátábéèsì ṣe méjèèjì pọ̀:

```sql
UPDATE payments SET status = 'paid', confirmed_by = 'hook'
WHERE reference = 'LC-7731' AND status <> 'paid';
```

Tí ó bá ní òun yí ìlà kan padà, ìwọ lo kọ́kọ́ débẹ̀, máa bá iṣẹ́ lọ. Tí ó bá ní òdo, ẹlòmíràn ti débẹ̀ ṣáájú rẹ, pa ẹnu rẹ mọ́.

Ẹnu ọ̀nà náà, mo tún un ṣe. Bí iṣẹ́ bá ti dé, a ó kọ ọ́ sínú dátábéèsì bó ṣe rí, a ò ní tíì ṣe nǹkan kan lórí ẹ̀, lẹ́yìn náà la tó máa dáhùn 200. Bí kíkọ náà bá kùnà, 500 la máa dáhùn, kí wọ́n lè tún padà wá. Ọ̀rọ̀ ṣókí tó ń lọ sí fóònù oníbàárà ti kúrò nídìí owó pátápátá. Bó bá wù ú, kó dé lọ́la.

Ẹ ti rí `confirmed_by` nínú kóòdù òkè yẹn. Ohun kékeré ni, òun sì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àtúnṣe náà. Níwájú owó kọ̀ọ̀kan, a kọ ẹni tó mú ìròyìn ẹ̀ wá: ṣé wẹ́bùhúùkù ni, àbí ìgbà tí a lọ bèèrè la tó mọ̀. Lọ́jọ́ tí ara bá dá, kóòdù tó ń bèèrè kì í rí ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Tí iye yẹn bá ga, wẹ́bùhúùkù ń ṣàìsàn nìyẹn, bí oníbàárà kankan ò tilẹ̀ pariwo. Ní oṣù Karùn-ún, iye náà di 37 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Gbogbo ọjà ń lọ déédéé, Alhaja ò mọ nǹkan kan. Mo wo lọ́ọ̀gì: a ti yí àdírẹ́sì sáìtì padà kó máa ní `www` níwájú, sáfà wá ń dá gbogbo ẹni tó bá gba àdírẹ́sì àtijọ́ wá lóhùn pẹ̀lú `301`, pé ibòmíràn la wà báyìí. Ènìyàn tó ń lo fóònù kò ní mọ̀, fóònù á bá a tẹ̀ lé e lọ. Ìránṣẹ́ abánigbowó kò tẹ̀ lé e. 200 ló ń wá, kò rí i, ó yí padà. Mo yí àdírẹ́sì náà padà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù wọn, ó tán.

Títí dé ibí yìí, inú ìwé tiwa la ti ń bèèrè. Ẹni tó bá ń bèèrè nípa ohun tó ti kọ sílẹ̀ nìkan kò lè rí ohun tí kò kọ rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jí ní òwúrọ̀ Sátidé, ọjọ́ kejì, tí mo kó gbogbo owó tó wọlé lọ́dọ̀ àwọn abánigbowó ní ọjọ́ Jímọ̀, tí mo wá ń wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìwé tiwa.

Tiwọn jẹ́ 65. Tiwa jẹ́ 63. Mo ní, ó dáa, méjì péré ló sọnù.

Irọ́ ni. Nígbà tí mo fi réfáráǹsì wé réfáráǹsì, mẹ́ta lára tiwọn ni kò sí nínú Jímọ̀ tiwa, méjì lára tiwa ni kò sí nínú Jímọ̀ tiwọn, ẹyọ kan sì wà tí kò sí níbì kankan nínú ìwé wa rárá. Mẹ́fà ló yàtọ̀, méjì ni ìyọkúrò fi hàn mí. Láti ìgbà náà ni n kì í ti í wo iye mọ́.

Àwọn márùn-ún àkọ́kọ́, aago ló fà á. Àkókò tí wọ́n kọ síwájú owó kọ̀ọ̀kan rí báyìí: `2025-03-14T23:24:10.000Z`. Lẹ́tà `Z` tó wà níparí yẹn ń sọ pé aago UTC ni, kì í ṣe aago Èkó. Èkó fi wákàtí kan ṣáájú ẹ̀. Ẹni tó ṣàṣàmù tán, tó jókòó ti fóònù ẹ̀, tó sanwó aṣọ ní aago méjìlá òru kọjá ìṣẹ́jú 24, Sátidé ló wà lójú tiwa, Jímọ̀ ló ṣì wà lójú tiwọn. Mẹ́ta irú ẹ̀ ṣí wá sínú Jímọ̀ wọn láti Sátidé. Lọ́nà kan náà, méjì tó sanwó ní kété tí Jímọ̀ tiwa bẹ̀rẹ̀ bọ́ sínú Ọjọ́bọ̀ tiwọn. Nínú oṣù mìíràn, ta ni yóò máa ra léèsì lóru? Nínú ààwẹ̀, èèyàn ń jí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń bèèrè fún ọjọ́ kan, mo máa ń kọ `+01:00` sídìí àkókò tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí.

Ẹ má sì ṣe fi álààtì báńkì Alhaja wé e, ohun tí òun fúnra ẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ ká ṣe nìyẹn. Owó tó ń wọ àkáǹtì ẹ̀, àpapọ̀ ni, wọ́n sì ti yọ owó iṣẹ́ wọn. Lórí 48,500, tó bá jẹ́ ti Paystack ni, ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú 100 náírà, ìyẹn 827.50, ti kúrò níbẹ̀ kó tó dé. Ẹ ò lè rí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àpapọ̀ náà.

Ó wá ku ẹyọ kan tí kò sí níbì kankan: `LC-7802`, 32,000 náírà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá díẹ̀. Nínú lọ́ọ̀gì, wẹ́bùhúùkù ẹ̀ dé. Kóòdù wa wá a, kò rí i, ó kọ "kò sí réfáráǹsì yìí", ó dáhùn 200. Ó kù díẹ̀ kí n gbà pé ti ẹlòmíràn ló ṣìnà wá sọ́dọ̀ wa. Ìméèlì tó wà lára owó náà ni mo fi tọ ipasẹ̀ ẹ̀. Onímèélì yẹn ra ànkárá lálẹ́ ọjọ́ náà, 32,000 gẹ́lẹ́, ó sì ti sanwó, àmọ́ `LC-7805` la kọ síwájú rẹ̀.

Nígbà náà ló yé mi. Ó ti kọ́kọ́ mú tiránsífà pẹ̀lú `LC-7802`. Ó fi owó ránṣẹ́, ojú ìwé ń yí, kò sọ nǹkan kan. Ó rò pé kò lọ, ó tẹ "tún san", ó fi káàdì san án. Nígbà tó tẹ "tún san", kóòdù mi pa `LC-7802` rẹ́ lára ọjà náà, ó kọ `LC-7805` lé e lórí, torí àyè réfáráǹsì kan ṣoṣo ni mo fún ọjà kọ̀ọ̀kan. Tiránsífà àkọ́kọ́ wá dé lẹ́yìn náà, ó ń wá ilé tí a ti wó. Báyìí, ọjà kan lè ní réfáráǹsì tó bá wù ú, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbìyànjú láti san án ló ní ìlà tiẹ̀, a kì í pa ìkankan rẹ́.

Ti ìyá Sùúrùlérè, Alhaja ti yanjú ẹ̀ ní alẹ́ Jímọ̀ kí n tó sọ fún un pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ó rán ọmọọṣẹ́ ẹ̀ jáde lẹ́yìn ìṣínu lọ sọ́dọ̀ aláṣọ kan tí wọ́n jọ máa ń gbajà lọ́wọ́ ara wọn ní Ìdúmọ̀tà, ó rí irú léèsì náà, ó rà á lọ́wọ́n ju iye tí òun ti tà á lọ. Kò sọ fún mi iye tó fi lé e. Mo bi í, ó ní kí n gbájú mọ́ kọ̀ǹpútà mi.

Ti oní-32,000, èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaja nígbà tó pè é ní ọ̀sán Sátidé. Ó kí i, ó ní owó ẹ̀ wà lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Haa, Alhaja," ó ní, "mo ti gbà pé báńkì ló jẹ ẹ́. Mi ò tilẹ̀ fẹ́ yọ yín lẹ́nu."

Alhaja bi í bóyá kó fi mú ànkárá mìíràn. Ó ní rárá, kí wọ́n dá a padà fún òun, òun ní nǹkan tí òun fẹ́ fi ṣe. Mo tẹ ìdápadà náà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lójú Alhaja, mo kọ ọ́ síwájú `LC-7802` nínú ìwé wa pẹ̀lú. Kí obìnrin náà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní kí Alhaja jọ̀ọ́ bá òun pa gèlè kan tó bá ànkárá yẹn mu mọ́, òun ń bọ̀ wá fi owó lọ́wọ́ rà á.